Ọjà Tà, Owó Ò Sí: Irú Ẹ̀kọ́ Orí Fóònù Tí Oníṣòwò Nílò

Bí èèyàn bá dé Bódìjà, Oyíngbò tàbí Ọjà-Ọba lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, ọ̀rọ̀ tí yóò kọ́kọ́ gbọ́ ni pé ọjà ò tà. Nígbà mìíràn, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, ọjà tà, oníbàárà wá, àpò ẹrù ṣófo, síbẹ̀ owó tí wọn yóò fi ra òmíràn ò pé mọ́. Àwọn kan á ní ọwọ́ ayé ni. Èyí tí a rí ni pé ilé jẹ lára rẹ̀, àwìn há lára rẹ̀ mọ́ta, ọkọ̀ àti alábàárù sì kó nínú ìyókù. Ẹni tó ni owó ò rí i nígbà tó ń lọ, nítorí kò sí ibi tó kọ ọ́ sí.

Ní báyìí tí fóònù ti wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń tajà, àwọn iléeṣẹ́ ìjọba, ilé ìfowópamọ́ àti àwọn ẹgbẹ́ aláàánú ń gbìyànjú láti gbé ẹ̀kọ́ ìṣirò owó ọjà sórí rẹ̀: ẹ̀kọ́ kúkúrú, ìbéèrè díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, kí kálukú sì máa kọ́ ọ bí àyè bá ṣe yọ. A fara mọ́ ètò bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú irú ẹ̀kọ́ yìí ni wọ́n yọ láti inú ìwé àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ aṣírò owó, tí wọ́n wá gé kúrú kó lè wọ ojú fóònù. Ohun tí a fẹ́ sọ nínú ọ̀rọ̀ olóòtú yìí ni pé gígé e kúrú kò tó. Ẹ̀kọ́ tí yóò wúlò ní ìsọ̀ gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti orí iye tí kóńgò kan dúró lé oníṣòwò lórí, kó parí sí kíka ọjà tó kù nílẹ̀ lópin ọ̀sẹ̀. A sì ń sọ pẹ̀lú pé kò gbọdọ̀ di ìjẹ tí wọ́n fi ń mú èèyàn wọ gbèsè.

Kí ọ̀rọ̀ yìí má baà dà bí àbá lásán, ẹ jẹ́ ká mú obìnrin kan tó ń ta ẹ̀wà ṣe àpẹẹrẹ. Owó tó rọrùn láti kà ni a fi ṣe é, nítorí iye ẹ̀wà kì í dúró sójú kan. Ó ra àpò méjì lọ́jọ́ Ajé, ₦90,000 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọkọ̀ àti alábàárù gba ₦3,000 lórí àpò kan. Ó ti wọ̀n ọ́n wò láìmọye ìgbà, ó mọ̀ pé 60 kóńgò ni àpò kan ń fún òun, ₦1,800 ló sì ń ta kóńgò kan. Bí a bá bi í pé èló ló ń jẹ lórí kóńgò, yóò dáhùn kíá pé ₦300 ni, torí pé ₦90,000 tí a pín sọ́nà 60 jẹ́ ₦1,500. Ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe àkọ́kọ́ ti wọlé. Ẹ̀wà ò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé ìsọ̀. ₦93,000 ni àpò náà jẹ́ nígbà tó fi balẹ̀ níwájú rẹ̀, nítorí náà kóńgò kan dúró lé e lórí ní ₦1,550. ₦250 ni èrè rẹ̀, kì í ṣe ₦300.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ Sátidé, ó wọn ohun tó kù, ó bá 30 kóńgò nílẹ̀. Ìyẹn ni pé 90 ti lọ. Ó ta 70 lówó lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó ta 15 láwìn, ó bu mẹ́ta lọ sílé fún sísè, méjì tó kù sì bá èènì àti kòkòrò lọ. Owó tó wọlé jẹ́ ₦126,000. Nínú rẹ̀ ló ti san ₦6,000 fún tíkẹ́ẹ̀tì, náílọ́ọ̀nù àti ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀. Ó fi ₦24,000 gbọ́ bùkátà ilé, ó sì dá ₦12,000 fún alájọ. ₦84,000 ló kù lápò rẹ̀. Àpò ẹ̀wà kan ṣoṣo pẹ̀lú ọkọ̀ jẹ́ ₦93,000. Obìnrin tó ra àpò méjì ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ ò lè dá ẹyọ kan rà ní ìparí rẹ̀. Ọjà ò tà, ni yóò wí fún ẹnikẹ́ni tó bá béèrè.

Bẹ́ẹ̀, ọjà tà. Kóńgò 85 ló dé ọwọ́ oníbàárà, ₦250 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ₦21,250. Ẹ yọ ₦3,100 kúrò fún kóńgò méjì tó ṣòfò, ẹ tún yọ ₦6,000 ìnáwó ọjà, èrè ọ̀sẹ̀ náà yóò kù sí ₦12,150. Ilé ńkọ́? Ilé gba ₦24,000 lówó, ó sì jẹ ẹ̀wà tó jẹ́ ₦4,650, àpapọ̀ rẹ̀ ₦28,650. Ohun tí ilé gbà fi ₦16,500 ju ohun tí ọjà mú wá lọ, ara ojú owó ni wọ́n sì ti bù ú. Bó bá ń bá a lọ bẹ́ẹ̀, kò ní pé oṣù mẹ́ta tí ₦186,000 tó fi bẹ̀rẹ̀ yóò fi wọlẹ̀ tán. Àjọ tí ọ̀pọ̀ yóò kọ́kọ́ fẹ̀sùn kàn kọ́ ló fà á, nítorí owó àjọ ṣì jẹ́ tirẹ̀, ó kàn wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn ni.

Àwìn tún wà ńbẹ̀ tí a kò tíì tú. A ti ka kóńgò 15 tó tà láwìn mọ́ ohun tó tà, bí ẹni pé owó rẹ̀ ti wọlé. Bí àwọn tó gbà á ò bá san, kì í ṣe èrè nìkan ló sọnù. ₦23,250 ni kóńgò 15 yẹn dúró lé e lórí. Kó tó lè rí iye yẹn padà lórí èrè ₦250, yóò ta kóńgò 93, tó ju ohun tó tà láàárín ọ̀sẹ̀ náà lọ. Oníṣòwò mọ̀ pé àwìn ń dunni, àkọlé tó ń sọ pé àwìn ò sí pọ̀ lára ìsọ̀ káàkiri. Ohun tí kò hàn sí i ni bí ó ṣe ń dun òwò tó, kóńgò mélòó ni yóò ní láti tà kí ẹni kan tó sá lọ tó di ìgbàgbé.

Gbogbo ìṣirò tí a ṣe yìí, fífi nǹkan kún nǹkan, yíyọ, ìsọdipúpọ̀ àti pípín ni. Kò sí ohun kan nínú rẹ̀ tí obìnrin tó ń ṣẹ́ owó fún oníbàárà mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà ò lè ṣe. Ohun tí kò lè ṣe, tí ẹnikẹ́ni ò sì lè ṣe, ni kó gbé gbogbo rẹ̀ sórí láti ọjọ́ Ajé dé Sátidé. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe pé àkọsílẹ̀ ṣàjèjì sí ọjà. Káàdì alájọ, tó ní ojú 31, tí wọ́n ń fàlà sí lójoojúmọ́, tí alájọ sì ń mú owó ọjọ́ kan nínú rẹ̀ lópin oṣù, ìwé ìṣirò owó ni. Àwọn ìyá wa tí kò mọ̀wé rárá ń fi í mọ iye tó yẹ kí wọ́n gbà, wọn kì í sì í jẹ́ kí alájọ fàlà kan jù wọ́n. Ibi tí ẹ̀kọ́ ti yẹ kó bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ní tiwa, ẹ̀kọ́ márùn-ún péré ti tó, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan má sì ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ. Àkọ́kọ́ ni yíya àpò ọjà sọ́tọ̀ kúrò lára àpò ilé, kí oníṣòwò sì máa san owó iṣẹ́ fún ara rẹ̀ bí ẹni ń san án fún ọmọ iṣẹ́. Fún obìnrin tó ń ta ẹ̀wà yìí, èrè ₦12,150 fún ọjọ́ mẹ́fà fi hàn pé kò lè mú ju nǹkan bí ₦2,000 lọ lójúmọ́ láìfọwọ́ kan ojú owó. Èkejì ni bí a ṣe ń mọ iye tí ẹyọ kan dúró lé wa lórí, pẹ̀lú ọkọ̀, alábàárù àti ohun gbogbo tó gbà kó tó dé ìsọ̀. Ẹ̀kẹta ni àwìn: orúkọ, ọjọ́, iye kóńgò, iye owó àti ọjọ́ tí wọ́n ní àwọn yóò san. Ẹ̀kẹrin ni kíka ọjà tó kù, ìkarùn-ún sì ni àpapọ̀ ọ̀sẹ̀ náà bí a ṣe ṣe é lókè yìí.

Nínú márààrún, ẹ̀kẹrin ni àwọn tó ń ṣètò ẹ̀kọ́ máa ń fojú kéré jù, òun sì ni ìdí ọ̀rọ̀. Àìka ọjà tó kù ló ń jẹ́ kí ènìyàn rò pé gbogbo owó tó wà lápò òun ni òun jẹ. Lọ́nà kejì ẹ̀wẹ̀, ó ń jẹ́ kí ẹlòmíràn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó ọjà púpọ̀ sílẹ̀ rò pé òun ti wọ gbèsè nígbà tí owó òun wà nínú àpò ẹ̀wà. Kíkà náà tún ń tú àṣírí. Bí 90 bá lọ, tí àkọsílẹ̀ sì fi 88 hàn, méjì tó sọnù ní orúkọ. Bóyá èènì tí ọmọ ìsọ̀ ń bù ti pọ̀ jù, bóyá kóńgò tí wọ́n fi ta á fún un lọ́jà oko kéré sí tirẹ̀, bóyá ẹnìkan ń bù ú. Ẹ̀kọ́ náà ò sì gbọ́dọ̀ fi Sátidé de gbogbo ènìyàn. Ẹni tó ń ná ọjà ọlọ́jọ́ márùn-ún márùn-ún, ọjọ́ tó tẹ̀lé ọjà ni yóò kà, alátàrodo sì lè ní láti kà á lálaalẹ́, nítorí ohun tó bá rà lánàá lè ti rà kó tó di ọ̀túnla.

Ọ̀rọ̀ ìbéèrè tó ń tẹ̀lé ẹ̀kọ́ ló kàn. Ìbéèrè tó ń wádìí bóyá oníṣòwò mọ ìtumọ̀ ohun ìní tàbí ti apá òsì àti apá ọ̀tún ìwé ò ṣe é ní àǹfààní kankan. Ìbéèrè gidi máa ń gbé owó ka iwájú ẹni. Ẹ jẹ́ ká ní wọ́n bi í pé: o ra àpò ẹ̀wà ₦90,000, ọkọ̀ ₦3,000, ó wọn 60 kóńgò, bí o bá ń ta kóńgò kan ní ₦1,800, èló lo jẹ lórí rẹ̀? Kí wọ́n fún un ní ìdáhùn mẹ́ta: tẹ 1 fún ₦300, tẹ 2 fún ₦250, tẹ 3 fún ₦1,800. Ẹni tó tẹ 1 ti gbàgbé ọkọ̀. Ẹni tó tẹ 3 ń ka gbogbo owó tó wọlé sí èrè, àpò ọjà àti ti ilé ṣì dàpọ̀ lójú rẹ̀, ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ ló yẹ kó padà sí. Bí ìdáhùn tí kò tọ̀nà ò bá sọ ohun tó rú èèyàn lójú, ìbéèrè náà ò wúlò. Kí ohùn tó ń dá a lóhùn má sì kàn sọ pé o gbà á tàbí o kùnà. Kó sọ pé, “Ẹ̀yin ìyá, ó ṣì ku owó ọkọ̀, ẹ fi kún iye tẹ́ ẹ rà á kẹ́ ẹ tó pín in.” Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, kí irú ìbéèrè yẹn tún padà wá, pẹ̀lú ọjà mìíràn àti owó mìíràn, nítorí ohun tí a gbọ́ lẹ́ẹ̀kan láàárín ariwo ọjà kì í pẹ́ sá lọ.

Èyí tó dára jù nínú ìbéèrè ni èyí tó béèrè nípa owó oníṣòwò náà gan-an. Ní ìparí ẹ̀kọ́ kejì, kó lọ wọn àpò tó wà níwájú rẹ̀, kó sì fi iye tó bá jáde dáhùn. Òun nìkan ló mọ ìdáhùn náà. Kí fóònù ṣe ìpín fún un, kó sì ka èsì sí i létí.

A kò gbé ìmọ̀ràn yìí ka orí èrò wa nìkan. Àwọn onímọ̀ mẹ́ta, Alejandro Drexler, Greg Fischer àti Antoinette Schoar, tẹ ìwádìí kan jáde ní 2014 lórí àwọn oníṣòwò kéékèèké tó ń yáwó ní ilé ìfowópamọ́ ADOPEM ní orílẹ̀-èdè Olómìnira Dòmíníkà, tó bá Haiti pín erékùṣù kan náà. Wọ́n kọ́ àwọn kan ní ìṣirò owó bí ìwé ṣe là á sílẹ̀. Wọ́n kọ́ àwọn mìíràn ní ìlànà tó rọrùn, tí yíya owó ọjà kúrò lára owó ilé jẹ́ olórí rẹ̀. Àwọn tó gba ìlànà tó rọrùn ni ìtọ́jú owó wọn dára sí i ní kedere. Ẹ̀kọ́ bíi ti ìwé kò fi ipa tó ṣeé tọ́ka sí sílẹ̀. Inú kíláàsì ni wọ́n ti kọ́ ọ, kì í ṣe orí fóònù, ṣùgbọ́n ohun tó fi hàn nípa ohun tó yẹ ní kíkọ́ kò yí padà.

Ìwádìí kejì sún mọ́ wa ju ìyẹn lọ, ìlú Lomé ni wọ́n ti ṣe é, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà Science ní 2017. Wọ́n pín 1,500 oníṣòwò kéékèèké sí ọ̀nà mẹ́ta. Ìdá kan gba ẹ̀kọ́ òwò bí a ṣe mọ̀ ọ́n, ìṣirò owó wà nínú rẹ̀. Ìdá kan gba ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ni bí a ṣe ń lo ìdánúṣe, ká máa wo ọ̀la, ká máa wá ohun tí àwọn yòókù ò tíì tà. Ìdá kẹta ò gba nǹkan kan. Èrè àwọn tó kọ́ ìdánúṣe fi 30 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i. Ti àwọn tó gba ẹ̀kọ́ òwò àtijọ́ fi bí 11 pọ̀ sí i, ìyẹn sì kéré débi pé àwọn olùwádìí ò lè fi í búra pé ẹ̀kọ́ náà ló fà á.

Ó yẹ kí àwọn tó ń polówó ẹ̀kọ́ ìṣirò ka èyí dáadáa kí wọ́n tó ṣèlérí ọrọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ìwé kì í pa owó wọlé. Fún obìnrin ẹlẹ́wà yẹn, ìwé yóò fi hàn án pé àpò méjì lọ́sẹ̀ ò lè bọ́ ilé tó ń jẹ ₦28,650, bó ti wù kó ṣọ́ owó ná tó. Bóyá yóò wá ọjà kejì tí yóò dì mọ́ ọn, bóyá yóò ra ẹ̀wà níbi tó ti dínwó ju bẹ́ẹ̀ lọ, bóyá bàbá ilé ni yóò fi kún owó ọbẹ̀. Ìpinnu yẹn kọjá agbára ẹ̀kọ́ ìṣirò. Ohun tí ìwé ṣe ni pé ó jẹ́ kó mọ̀ lọ́sẹ̀ kìíní dípò oṣù kẹta.

Ní ti fóònù fúnra rẹ̀, àwọn tó ń ṣètò ẹ̀kọ́ yìí máa ń rò pé olúkúlùkù ló ní irú fóònù tí àwọn ní. Fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì ṣì pọ̀ lọ́jà, ẹni tó sì ní fóònù ńlá kì í fẹ́ kí fídíò jẹ dátà òun, pàápàá láti ìgbà tí àjọ NCC ti fọwọ́ sí i ní oṣù Kìíní 2025 pé kí owó ìpè àti dátà lè fi tó 50 nínú ọgọ́rùn-ún gòkè. Ohùn ló tọ́. Ẹ̀kọ́ ìṣẹ́jú mẹ́ta tí wọ́n gbà sílẹ̀ bí ohùn Wọsáàpù kì í sábà tó ìdajì mẹ́gábáìtì, fídíò tó gùn tó bẹ́ẹ̀ sì lè jẹ ìlọ́po rẹ̀ lọ́nà ogún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ní fóònù kékeré lè pe nọ́ńbà kan tí kì í gba owó, kó gbọ́ ẹ̀kọ́, kó sì tẹ 1, 2 tàbí 3 fún ìdáhùn. Àtẹ̀jíṣẹ́ ò rọrùn tó bí wọ́n ṣe rò. Àtẹ̀jíṣẹ́ kan máa ń gba lẹ́tà 160, ṣùgbọ́n tí ẹ bá ti fi ẹ, ọ àti ṣ sí i, 70 ló máa gbà mọ́, owó rẹ̀ sì di ìlọ́po méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ń fi Yorùbá tí kò lójú ránṣẹ́ sí àwọn ìyá wa, tó sì ń yà wọ́n lẹ́nu pé àwọn ìyá náà ò dáhùn. Kí ẹ̀kọ́ náà sì mọ ibi tí èèyàn dúró sí. Oníbàárà yóò dé láàárín ìṣẹ́jú kejì, kò sí àní-àní. Bó bá padà, kó bá ẹ̀kọ́ rẹ̀ níbi tó fi í sí.

Ìdí pàtàkì mìíràn wà tí ọ̀rọ̀ yìí fi kan gbogbo wa lọ́dún yìí. Òfin owó orí tuntun ilẹ̀ Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ 1 oṣù Kìíní 2026. Ó sọ pé ẹnikẹ́ni ò ní san owó orí lórí ₦800,000 àkọ́kọ́ nínú owó tí owó orí kàn lọ́dún. Ẹ wo obìnrin ẹlẹ́wà wa. Bí gbogbo ọ̀sẹ̀ rẹ̀ bá rí bí èyí tí a kà, nǹkan bí ₦8 mílíọ̀nù ni yóò tà lọ́dún. Bí èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ bá gba báńkì wọlé, tí ẹnìkan sì wo àlẹ́ẹ̀tì rẹ̀, yóò ní olówó ni. Bẹ́ẹ̀ èrè rẹ̀ fún ọdún náà ò pé ₦632,000, kò sì dé ibi tí owó orí ti bẹ̀rẹ̀. Àkọsílẹ̀ rẹ̀ nìkan ló lè sọ ìyàtọ̀ láàárín méjèèjì. Níbi tí àkọsílẹ̀ ò bá sí, òfin gba òṣìṣẹ́ owó orí láyè láti fojú díwọ̀n ohun tí èèyàn ń jẹ, ojú ẹni tó ń gbowó kì í sì í sábà díwọ̀n sí ìsàlẹ̀. Ọ̀pọ̀ oníṣòwò kì í kọ nǹkan sílẹ̀ nítorí ẹ̀rù owó orí. Lábẹ́ òfin yìí, àìkọ ló léwu jù fún ẹni tí èrè rẹ̀ kéré.

Ta ló wá yẹ kó ṣe kí ni? Àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá ní iléeṣẹ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òwò. Kí wọ́n pawọ́ pọ̀ gba ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo sílẹ̀ ní ohùn, ní Yorùbá tó yé ará Ìbàdàn, Èkìtì àti Ìjẹ̀bú, dípò kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan máa náwó lórí tirẹ̀ tí yóò kú nígbà tí gómìnà bá yí padà. Kí àwọn iléeṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ jẹ́ kí ìpè sí nọ́ńbà ẹ̀kọ́ náà jẹ́ ọ̀fẹ́. Kí àwọn ìyálọ́jà àti bàbálọ́jà sì jókòó ti àwọn tó ń ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí àpẹẹrẹ ẹlẹ́wà ò ní wúlò fún aláṣọ tàbí ẹlẹ́ja, olúkúlùkù sì gbọ́dọ̀ gbọ́ ọjà tirẹ̀ nínú ìbéèrè.

Fóònù nìkan ò sì lè ṣe é tán. Ẹni tí kò bá ní ẹni tó ń bi í pé báwo ni, yóò dá a dúró lẹ́yìn ẹ̀kọ́ kejì. Alájọ ló yẹ fún iṣẹ́ yìí jù lójú wa. Ó ń dé ìsọ̀ lójoojúmọ́, wọ́n mọ̀ ọ́n, ó sì mọ káàdì í fàlà sí. Bí wọ́n bá kọ́ ọ ní ẹ̀kọ́ márùn-ún yẹn, tí wọ́n sì fún un ní nǹkan díẹ̀ lórí rẹ̀, ó lè máa béèrè lọ́wọ́ oníbàárà rẹ̀ ní Sátidé pé ṣé wọ́n ti kà. Kí ó má béèrè iye tí wọ́n kà. Ìyẹn ò kàn án.

Ìjọba ìbílẹ̀ ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ láti gbọ́. Àwọn tó ń gba owó lọ́wọ́ oníṣòwò lójoojúmọ́, lórúkọ tíkẹ́ẹ̀tì, owó ilẹ̀gbígbá, owó ọkọ̀ tó já ẹrù, kì í sábà fún un ní ìwé tó ṣeé kà. A kò lè máa kọ́ obìnrin ọjà láti kọ gbogbo owó tó jáde sílẹ̀ nígbà tí àwọn tó ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ fúnra wọn kì í fẹ́ kó wà ní àkọsílẹ̀. Kí ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan lẹ iye owó tí òfin fọwọ́ sí mọ́ ẹnu ọ̀nà ọjà, kí wọ́n sì máa fúnni ní rìsíìtì.

Ní ti owó yíyá, a ń kìlọ̀. Ní 2018, ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pín ẹ̀yáwó ₦10,000 fún àwọn oníṣòwò kéékèèké, èyí tí wọ́n pè ní Tirédàmọ́nì. Láti ìgbà náà ni onírúurú ilé ẹ̀yáwó orí fóònù ti kún ọjà, a sì mọ àwọn tó ń fi ọ̀rọ̀ ìtìjú ránṣẹ́ sí ẹbí àti ará àdúgbò ẹni tó jẹ wọ́n. Ẹ̀kọ́ ìṣirò ò gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹnu ọ̀nà irú ilé bẹ́ẹ̀. Obìnrin ẹlẹ́wà wa, tí wọ́n bá yá a ní owó kó tó mọ̀ pé ilé ń jẹ ₦16,500 kúrò lára ojú owó rẹ̀ lọ́sẹ̀, owó tí wọ́n yá a ni ilé yóò jẹ tẹ̀lé e. Kí ẹ̀kọ́ náà má béèrè nọ́ńbà BVN, kó má béèrè àyè láti wo orúkọ àwọn tó wà nínú fóònù, kí iye tó bá tẹ̀ sínú rẹ̀ sì máa jẹ́ tirẹ̀ nìkan. Òfin ààbò ìsọfúnni ti 2023 fún un ní ẹ̀tọ́ lórí ìsọfúnni ara rẹ̀. Bí ilé ìfowópamọ́ bá fẹ́ rí ìwé rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni kó mú un lọ hàn wọ́n.

Kí ẹnikẹ́ni tó bá ń fi owó ìlú ṣe irú ẹ̀kọ́ yìí má sì fi iye ènìyàn tó forúkọ sílẹ̀ tàbí iye ìwé ẹ̀rí tí wọ́n pín yangàn fún wa. Kí wọ́n sọ iye àwọn tó ka ọjà tó kù nílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kẹrin lẹ́yìn tí wọ́n parí, àti iye àwọn tó lè sọ iye tí ẹyọ kan ọjà wọn dúró lé wọn lórí láìṣì í. Kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Bí iye yẹn bá kéré, kí wọ́n tún ẹ̀kọ́ náà ṣe, kí wọ́n má fi fídíò kún un.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ìsọ̀ tí ẹ ń ka èyí, tàbí tí ọmọ yín ń kà á sí yín létí, ẹ má dúró de ìjọba. Ẹ ra ìwé ìléwọ́ kan. Ní ìrọ̀lẹ́ òní, ẹ fi iye tí ẹ ra ọjà yín, owó ọkọ̀ àti owó alábàárù papọ̀, kí ẹ pín in sí iye kóńgò tó jáde nínú rẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sí ojú ìwé àkọ́kọ́.